Ẹyin Ni Fèrè Rẹfirí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí fèrè rẹfirí bá ti wà nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi kún un. Ẹni tó sọ̀rọ̀ tí kò dáa ṣì lè dọ̀bálẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀. Fèrè orí pápá kò mọ ẹ̀bẹ̀. Ní kété tó bá ti dún ni eré ti dúró. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú àwọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn náà, kì í ṣe góòlù mọ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí fèrè wà lẹ́nu rẹfirí tí kò sì fọn ọ́n gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Agbábọ́ọ̀lù kan ti ṣubú, àwọn òǹwòran ti ń pariwo "fáwùlù!", síbẹ̀ rẹfirí na ọwọ́ síwájú pé kí eré máa lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní kò ríran. Ó ríran dáadáa. Ó rí ẹ̀ṣẹ̀ náà, ó sì ti ṣírò rẹ̀ pé bí òun bá dá eré dúró, ẹni tó ṣẹ̀ ni yóò jèrè, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò sì pàdánù. Ohun tí òfin bọ́ọ̀lù ń pè ní àǹfààní nìyẹn.

Òfin Karùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà wà, nínú ìwé òfin tí ìgbìmọ̀ IFAB ń ṣe fún gbogbo àgbáyé. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Èkíní ni pé kí rẹfirí jẹ́ kí eré máa lọ bí ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ yóò bá jàǹfààní nínú rẹ̀. Èkejì ni pé bí àǹfààní tó retí kò bá yọjú lójú ẹsẹ̀, tàbí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó padà sẹ́yìn, kó fìyà jẹ ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin kò sọ iye ìṣẹ́jú àáyá náà. Ó kàn ní "díẹ̀" ni, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òye rẹfirí. Inú "díẹ̀" yìí ni gbogbo wàhálà wà, nítorí ohun mẹ́ta ló lè kánjú ba àǹfààní jẹ́: fèrè, ọwọ́ àti àsíá.

Ti fèrè ni kí á kọ́kọ́ wò. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Barcelona àti Arsenal ń du ife ẹ̀yẹ Champions League ní Saint-Denis, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Paris. Eré kò tíì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ nígbà tí Samuel Eto'o, atamátàsé ọmọ Cameroon, já gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn Arsenal. Jens Lehmann, aṣọ́lé Arsenal, sáré jáde wá pàdé rẹ̀. Eto'o gbé bọ́ọ̀lù yà á, Lehmann sì fà á ṣubú níta àyè pẹnáritì, ní ẹnu ààlà gan-an. Bọ́ọ̀lù yí lọ bá Ludovic Giuly. Ilé ṣófo, Giuly sì gbá a wọlé. Ṣùgbọ́n Terje Hauge, rẹfirí ọmọ Norway, ti fọn fèrè. Kò sí góòlù. Ó yọ káàdì pupa fún Lehmann, ó sì fún Barcelona ní fíríkíìkì.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Hauge rú òfin. Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀, káàdì pupa sì tọ́ sí ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ̀ dínà góòlù tó dájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò ohun tí ìkánjú náà gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì. Bí fèrè bá ti dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, Barcelona ì bá ti gba góòlù kan. Lehmann náà ì bá sì wà lórí pápá, nítorí pé bí rẹfirí bá fi àǹfààní sílẹ̀ tí góòlù sì wọlé, kò sí góòlù kankan tí aṣọ́lé náà dínà mọ́. Káàdì yẹ́lò ni yóò gbà. Nítorí fèrè yẹn, Barcelona pàdánù góòlù, Arsenal pàdánù aṣọ́lé wọn. Robert Pirès ló jáde kí Manuel Almunia lè wọlé ṣọ́ ilé, ènìyàn mẹ́wàá ló sì gbá ìyókù eré náà fún Arsenal. Sol Campbell ló kọ́kọ́ gba góòlù fún wọn ní ìṣẹ́jú 37, kí Eto'o àti Belletti tó dá a padà, tí Barcelona sì borí pẹ̀lú góòlù méjì sí ẹyọ kan. Àwọn olólùfẹ́ Arsenal ṣì ń sọ nípa káàdì yẹn títí dòní, bẹ́ẹ̀ fèrè gan-an ló yẹ kí wọ́n máa sọ.

Báwo wá ni rẹfirí ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó dúró? Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ wọn láti wò. Wọ́n á wo bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wúwo tó. Wọ́n á wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nítorí bí ó bá ṣe súnmọ́ ilé alátakò tó ni àǹfààní ṣe ń níye lórí tó. Ẹni tí wọ́n gbá ṣubú níwájú ilé ara rẹ̀ yóò yan fíríkíìkì lójú bọ́ọ̀lù tí kò débì kan. Wọ́n á wo bóyá ìkọlù tó ní láárí lè jáde nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ta ni bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣé ojú rẹ̀ kọ sí ilé, ènìyàn mélòó ló wà níwájú rẹ̀? Ìkẹrin, wọ́n á wo bí ara pápá ṣe ń gbóná sí. Níbi tí inú ti ń bí àwọn agbábọ́ọ̀lù síra wọn, fèrè tó tètè dún lè jẹ́ omi tútù, àǹfààní sì lè di epo tí a dà sínú iná. Ohun kan ṣoṣo tí òǹwòran sábà máa ń ṣì mú ni pé níní bọ́ọ̀lù nìkan kì í ṣe àǹfààní. Ẹni tó ṣì ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àmọ́ tí àwọn mẹ́ta ti ká mọ́ igun pápá kò ní ohunkóhun.

Ìṣirò yìí kò gba ju kí a ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ rẹfirí pé kí wọ́n má tètè na ọwọ́. Kí ojú kọ́kọ́ rí, kí ọwọ́ tó sọ. Òfin fàyè gba kí rẹfirí na ọwọ́ kan tàbí ọwọ́ méjèèjì síwájú láti fi hàn pé òun ti fi àǹfààní sílẹ̀, ó sì sábà máa ń fi ẹnu sọ ọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni àmì yẹn, kì í ṣe ìdárayá apá. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà lórí pápá ni pé: "Mo rí i, àǹfààní sì wà, ẹ máa gbá a lọ." Bí rẹfirí bá sọ ọ́ kí ó tó dá a lójú, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí kò ì tíì ní lọ́wọ́.

Èyí ló mú wa dé Manchester, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Manchester City gba Tottenham lálejò, góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta sì ni eré wà. Dejan Kulusevski ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìkẹta padà fún Tottenham ní ìṣẹ́jú 90 ni, àfikún àkókò ni wọ́n sì ń gbá lọ. Ní agbègbè àárín pápá, Emerson Royal ti Tottenham ṣẹ Erling Haaland. Haaland ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó dìde, bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Simon Hooper tó jẹ́ rẹfirí fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí eré máa lọ. Haaland gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan síwájú fún Jack Grealish, tó ti ń sáré lọ síhà ilé Tottenham tí ọ̀nà sì là gbaragada níwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè dún. Hooper ti padà sí ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Fíríkíìkì ló fún City, níbi tó jìnnà sí ilé.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù City rọ́ bo Hooper, Haaland sì ń pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ayé. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn pé wọn kò kó àwọn ọmọ wọn níjàánu, owó ìtanràn 120,000 pọ́n-ùn ni wọ́n sì san. VAR kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí àǹfààní kò sí lára ohun tó láṣẹ láti yẹ̀ wò, fèrè tó sì ti dún kò ṣeé gbé mì padà.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ti Saint-Denis àti ti Manchester. Hauge kò dúró rárá. Hooper ní tirẹ̀ dúró, ó tilẹ̀ na ọwọ́, ó wá yí ohùn padà lásìkò tí ohun tó ń dúró dè ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Òfin gbà kí rẹfirí padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí àǹfààní kò bá yọjú nìkan ni. Bí bọ́ọ̀lù Haaland bá ti kọsẹ̀ lára alátakò, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣubú, fèrè ì bá tọ̀nà, kò sì sẹ́ni tí ì bá bínú. Ìgbà tí ẹsẹ̀ Haaland ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ dáadáa tí Grealish sì ń bá a lọ, ìbéèrè ti ní ìdáhùn. Láti ìgbà náà, bí Grealish bá gbá a sójú òfurufú, àdánù tirẹ̀ nìyẹn. Òfin ṣèlérí àyè fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kò ṣèlérí góòlù fún un.

Ohun kẹta tó ń kánjú ba àǹfààní jẹ́ ni àsíá, ọwọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì tó ń sá lọ sá bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá ló sì wà. Láìnmaàn ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, àní lẹ́yìn tí ìwé òfin ti pa orúkọ wọn dà sí olùrànlọ́wọ́ rẹfirí ní ọdún 1996. Orúkọ tuntun náà bá iṣẹ́ wọn mu: ìrànlọ́wọ́ ni tiwọn, ìdájọ́ kù sọ́wọ́ rẹfirí. Kí olùrànlọ́wọ́ tó gbé àsíá sókè fún fáwùlù, ìbéèrè méjì ló gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀. Èkíní: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ yìí pamọ́ fún rẹfirí, àbí ẹnìkan dí i lójú? Bí rẹfirí bá rí i kedere, kí àsíá dákẹ́. Èkejì: bí rẹfirí bá wà ní ibi tí mo wà yìí tó sì rí ohun tí mo rí, ṣé kò ní fi àǹfààní sílẹ̀? Bí yóò bá fi í sílẹ̀, kí àsíá dákẹ́ síbẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ tí kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kejì yìí a máa ba iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ jẹ́, nítorí bí àsíá bá ti fẹ́ lókè, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn á dúró, atamátàsé náà á dúró, àǹfààní á sì kú kí fèrè tó dún.

Àwọn Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, iṣẹ́ yìí sì fi hàn pé òótọ́ ni. Kí àsíá tó gòkè, ojú olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wá ojú rẹfirí. Ìdí nìyí tí rẹfirí tó mọṣẹ́ kì í fi í sá tààrà láàárín pápá. Ó máa ń dẹ̀gbẹ́ sá, kí bọ́ọ̀lù lè wà láàárín òun àti olùrànlọ́wọ́ tó wà ní apá ibẹ̀, kó sì lè fi ojú kan rí méjèèjì. Olùrànlọ́wọ́ náà a sì máa tú àsíá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, kì í ká a mọ́ igi rẹ̀, ìhà tí rẹfirí ti lè rí i ló sì ń gbé e sí.

Lẹ́yìn ojú ni àmì, àmì wọ̀nyí sì dà bí àrokò: ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló yẹ kó tètè ka ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáwùlù tí rẹfirí kò rí, olùrànlọ́wọ́ á gbé àsíá sókè, á sì mì ín díẹ̀, láì fì í bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ṣẹlẹ̀ nínú àyè pẹnáritì tí rẹfirí kò sì ṣe nǹkan kan, yóò gbé àsíá sókè, yóò sì rìn lójú gbogbo ènìyàn sí ìhà òpó igun pápá. Pẹnáritì ni ìrìn yẹn ń sọ. Bí ó bá jẹ́ ní òde àyè náà ló ti ṣẹlẹ̀, ìhà àárín pápá ni yóò rìn sí, láti fi sọ pé fíríkíìkì ni. Ẹnu kò là, síbẹ̀ rẹfirí ti gbọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti kan ẹsẹ̀.

Ìjíròrò náà kì í ṣe ti apá kan. Ká ní olùrànlọ́wọ́ gbé àsíá fún ọ́fúsáìdì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti kọjá lọ bá aṣọ́lé, ó ti gbé e, ó sì fẹ́ jù ú sí ẹni tó dá wà. Bí rẹfirí bá dá eré dúró fún fíríkíìkì, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ló tún dá lẹ́kun. Yóò gbé ọwọ́ sí olùrànlọ́wọ́ náà pé òun ti rí i, àsíá á sì sọ̀kalẹ̀. Àwọn òǹwòran á ní àwọn méjèèjì ń jà. Wọn kò jà. Ẹnìkan sọ ohun tó rí, ẹnìkejì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ní àwọn líìgì ńlá, igi àsíá ní bọ́tìnnì tí olùrànlọ́wọ́ lè tẹ̀ kí nǹkan gbọ̀n lápá rẹfirí, gbogbo wọn sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì sétí bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ pápá wa nílé, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí èyíkéyìí nínú wọn. Ojú, ọwọ́ àti àsíá nìkan ló wà. Níbẹ̀ ni ìpàdé kékeré tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ti ń wúlò jù, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fohùn ṣọ̀kan: ta ni yóò dá fáwùlù ẹ̀bá ilà, irú ọwọ́ wo ni olùrànlọ́wọ́ yóò fi ṣe ní ìkọ̀kọ̀ láti sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ pé káàdì tọ́ sí ẹnìkan. Àwọn tó bá fo ìpàdé yìí dá, àárín eré ni wọ́n ti máa ń ṣe é, níṣojú àwọn tí inú ń bí.

Ọ̀rọ̀ káàdì náà nílò olùrànlọ́wọ́ gidigidi, nítorí pé àǹfààní kì í ṣe ìdáríjì. Bí ẹ̀ṣẹ̀ tí rẹfirí fò bá jẹ́ èyí tí káàdì tọ́ sí, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kọ́kọ́ jáde tàbí tí eré bá dúró ni yóò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò náà, eré lè ti dé ẹnu ilé kejì, rẹfirí sì ti sá tẹ̀lé e. Olùrànlọ́wọ́ ló ń bá a di nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ mú, kí káàdì má baà bọ́ sọ́wọ́ aláìṣẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá kàn jẹ́ èyí tí wọ́n fi fẹ́ dá ìkọlù tó ń bọ̀ dúró, tí ìkọlù náà sì kọjá lọ, kò sí káàdì kankan mọ́, nítorí ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń wá kò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò yẹ kí á fi àǹfààní bò: ìgbá burúkú tó lè ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ìjà, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tó máa fún ẹnìkan ní káàdì yẹ́lò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òfin ní kí rẹfirí fọn fèrè ni, àyàfi tí góòlù bá ti yọ ojú gedegbe. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó yẹ kó ti kúrò lórí pápá ṣì wà níbẹ̀ títí bọ́ọ̀lù yóò fi jáde. Bí ó bá fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù tàbí tó dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú eré tó ń lọ náà, rẹfirí gbọ́dọ̀ dá eré dúró, kó lé e jáde, àǹfààní náà sì ti dòfo. Ẹni tí wọ́n ti gbá lẹ́sẹ̀ sì wà nílẹ̀ tó ń jẹ̀rora, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní dúró de káàdì kí wọ́n tó gbẹ̀san.

Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó síwájú tẹlifíṣàn lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí agbábọ́ọ̀lù sì ṣubú tí fèrè kò dún, kó fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kó wo rẹfirí. Kó wo bóyá ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, bóyá ọwọ́ rẹ̀ dúró de ojú rẹ̀, bóyá àsíá ẹ̀gbẹ́ pápá dákẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ń fi sùúrù gbé ẹyin dání níbẹ̀.